Ẹ̀kọ ni tọmọdé, aró ni tàgbà

Ẹ lè gbọ́ kẹ́nì kan sọ pé: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Òṣogbo ò ní májèlé kankan. Ọmọ ọdún 3 lè bá yín ṣe kọ́tìnnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Ó tì o, ẹ̀yin òbí. Ọ̀pọ̀ aláró ń lo kọ́sítíìkì sódà, tó ń bó awọ ara, tó sì lè fọ́ ojú. Àwọn kan tún máa ń po kọ́pà sọ́féètì mọ́ ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń ya àwòrán sáṣọ kí aró má bàa wọ ibẹ̀. Májèlé ni tọ́mọ bá lá a, ọmọ ọdún 3 á sì lá a!

Ẹ ro tọmọ lọ́tọ̀: ṣíbí láfún 2 sí ife omi 1, ẹ rò ó lórí iná títí yóò fi ki, kó wá tutù pátápátá. Ẹ gé fóòmù bí ewé, kọ́mọ máa fi tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ òwú funfun. Ọmọ ọdún 6 lè fi ìyẹ́ adìyẹ fa ilà. Bí ẹ̀kọ bá ṣàn jù, àwòrán á dàrú. Bó bá nípọn jù, á sán tó bá gbẹ, aró á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa.

Àgbà tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni kó rẹ aṣọ náà láró, kọ́mọ má sí nítòsí. Ẹ̀kọ yìí tètè ń ṣí nínú aró, nítorí náà ẹ ri aṣọ náà bọ inú aró fún ìgbà díẹ̀, ẹ yọ ọ́ kó gba atẹ́gùn, kẹ́ ẹ tún rì í.