"Ó mọ nǹkan tó ń ṣe" kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ o, ẹ bèèrè bóyá ó forí gbá nǹkan

Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ níbi iṣẹ́ wa ní Ìkòròdú níbí, lẹ́nu ìyàwó, lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, kódà lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì míì: "Ó mọ nǹkan tó ń ṣe jàre, ó kàn ya pòkíì ni." Ẹni tó forí gbá nǹkan, tó jí padà, tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹ̀, tó bá wá ń hùwà tí kò hù rí, wọ́n á ní ọpọlọ ẹ̀ pé, wọ́n á ní ìwà burúkú ni tàbí kí wọ́n ní ayé ló ń ṣe é. Irọ́ ni. Kéèyàn mọ ohun tó tọ́, iṣẹ́ kan ni nínú ọpọlọ; kó sì lè kó ara ẹ̀ níjàánu lásìkò tó yẹ, iṣẹ́ míì nìyẹn, iwájú ọpọlọ ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi ti káfíńtà kan ṣàlàyé, mo ti yí àwọn nǹkan tí wọ́n fi lè dá a mọ̀ padà. Ẹni nǹkan bí ogójì ọdún, ọkadà gbé e ṣubú lọ́nà Ìjẹ̀dé, kò dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, iwájú orí ẹ̀ ló fi gbá ẹnu gọ́tà. Ó dákú bí ogún ìṣẹ́jú, nígbà tó jí, kò rántí nǹkan kan títí di ọjọ́ kejì. Wọ́n rán egbò, ó lọ sílé, gbogbo èèyàn ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún ni ìyàwó ẹ̀ mú un wá. Òun gan-an ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, ìdí nìyí tí mi ò fi ń gba ìtàn lẹ́nu aláìsàn nìkan, ẹni tó mọ̀ ọ́n kó tó ṣubú ló máa sọ èyí tó yàtọ̀. Ìyàwó ní ọkọ òun ò lẹ́nu tẹ́lẹ̀, kì í jẹ gbèsè, àmọ́ ní báyìí ó ń sọ ọ̀rọ̀ àlùfànṣá níwájú àna, ó ra jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta láwìn, ó máa bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀kùn kan kó sì fi í sílẹ̀ láàárín. Obìnrin náà wá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un, bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì, pé ọbẹ̀ jóná lórí sítóòfù lọ́jọ́ kan, èéfín kún ilé, ọkọ òun sì jókòó síbẹ̀ tí kò gbóòórùn nǹkan kan. Etí mi nà síyẹn.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́, oṣù, ibi tó wà, ó mọ gbogbo ẹ̀. Ó ń yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún láìṣìṣe. Mo bi í pé tó bá rí pọ́ọ̀sì olówó nílẹ̀ ńkọ́, ó ní òun á wá ẹni tó ni ín. Tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ̀yin náà á ní ó mọ nǹkan tó ń ṣe.

Mo wá sọ fún un pé tí mo bá lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan, kó lù ú lẹ́ẹ̀kan, tí mo bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, kó má fọwọ́ kàn án rárá. Ó tún òfin náà sọ fún mi láìkù síbì kan. Mo lù ú lẹ́ẹ̀mejì, òun náà lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé kò yẹ," a tún un ṣe, ọwọ́ ẹ̀ tún lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí mo ní kó ṣe ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́, tẹ̀ léra léra: kò pẹ́ rárá, ẹ̀ṣẹ́ nìkan ló kù. Mo di ojú ẹ̀, mo gbé ọṣẹ, èèpo ọsàn àti kọfí sí ihò imú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ ìkankan. Ẹ má lo rọ́bù fún èyí o, iṣan míì ló ń gbé títa rọ́bù lọ sọ́pọlọ, ẹni tí kò gbóòórùn rárá á ṣì ní ó ń ta òun.

Síkáànì fi ọgbẹ́ hàn nísàlẹ̀ iwájú ọpọlọ lápá méjèèjì, lókè ihò ojú gan-an. Egungun ibẹ̀ rí págunpàgun, tórí bá dúró lójijì, ọpọlọ á ha ara ẹ̀ mọ́ ọn, iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé òórùn sì lè já níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àìgbóòórùn àti ìwà tó yí padà fi máa ń rìn pọ̀. Àmọ́ síkáànì tó mọ́ kò ní kéèyàn fọkàn balẹ̀ o, ọgbẹ́ kékeré máa ń sá mọ́ ọn lójú.

Bí mo ṣe so ó pọ̀ rèé. Kì í ṣe wèrè, torí ó ń sùn dáadáa, kì í pe ara ẹ̀ ní ọba, kò sì gbóhùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Ìwà náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú, ìdánwò ọwọ́, imú àti síkáànì sì tọ́ka síbì kan náà. Nǹkan tó ń mú un le sí i ni ọgógóró tó ń mu, owó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, àti bí wọ́n ṣe lọ fi ebi pa á ní ilé àdúrà torí wọ́n rò pé agídí ni. Nǹkan tó lè gbà á ni pé ọwọ́ ẹ̀ ṣì mọ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1848, irin gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ òṣìṣẹ́ ojú irin kan tó ń jẹ́ Phineas Gage wọlé, ó gba iwájú ọpọlọ ẹ̀ kọjá, ó sì jáde lókè orí ẹ̀ ní Vermont, l'Amẹ́ríkà, ó yè, ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ pé kì í ṣe Gage mọ́. Ó padà wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ń kérò ní Chile fún ọdún mélòó kan, iṣẹ́ tó lójú ọ̀nà kan, tó ní àkókò kan.

Nǹkan tá a ṣe fún káfíńtà yìí náà fara jọ ọ́. Ìyàwó gba owó àti káàdì báńkì, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ fáwọn ọlọ́jà pé kí wọ́n má tà á láwìn, ọtí dúró, wọ́n yọ gáàsì kúrò níbi tó ti lè dá tan iná, torí kò lè gbóòórùn ẹ̀ tó bá ń jò. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá kan ló ń fún un níṣẹ́ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, ó parí pákó yìí kó tó gba òmíì. Ó ṣì ń bú èèyàn nígbà míì. Àmọ́ ó ń parí ilẹ̀kùn báyìí.