Tótà tó sún mọ́ra kì í ṣe ẹ̀rí pé ínfọ́ìsì pé

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ẹ sún iye kọ̀ọ̀kan sí ẹgbẹ̀rún tó wà nítòsí ẹ̀, ẹ rò ó pọ̀, tó bá ti sún mọ́ tótà, ínfọ́ìsì yín ò ní àṣìṣe kankan."

Apá kan ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ o. Ó máa ń mú àṣìṣe ńlá, àmọ́ kò lè sọ pé àṣìṣe kékeré ò sí.

Ká ní ohun tó wà níbẹ̀ ni 48,700, 12,350, 7,800, 31,250 àti 5,600. Tẹ́ ẹ bá sún wọn, ó di 49, 12, 8, 31 àti 6, gbogbo ẹ̀ 106, ìyẹn 106,000 náírà. Tótà gan-an ni 105,700. Tí ọlọ́jà bá kọ 150,700, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa rí i. Àmọ́ tó bá ṣèèṣì kọ 107,500 ńkọ́? 1,500 péré ló fi ju tiyín lọ, ẹ máa ní ó sún mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ẹ ti fẹ́ san 1,800 lé.

Iye kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ sún lè yẹ̀ tó 500, márùn-ún ni wọ́n, torí náà gbogbo ẹ̀ lè yẹ̀ tó 2,500. Tí ìyàtọ̀ bá ju ìyẹn lọ, àṣìṣe wà dájú. Tí ò bá jù ú, ẹ ò tíì mọ nǹkan kan, kákúlétọ̀ ló kù.

Ẹ wo ìlà kọ̀ọ̀kan náà o, torí tí wọ́n bá kọ 78,000 fún páìpù 4 tó jẹ́ 1,950 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fi ìyẹn ro tótà, àròpọ̀ máa bára mu dáadáa. 4 lọ́nà 2,000, 8,000 ni, ibẹ̀ lẹ ti máa mú un.