Ẹ̀dínwó 20 pásẹ́ńtì kì í pa àfikún 20 pásẹ́ńtì rẹ́

Ọmọ mi,

Mo ti yẹ iṣẹ́ rẹ wò. Ìbéèrè kẹrin ló mú mi kọ̀wé yìí, torí àmì ìkọ̀sílẹ̀ pupa nìkan kò ní tó o. Ìyá kan ní Ìtòkú ń ta àdìrẹ ọ̀pá márùn-ún ní 10,000 náírà. Ó fi 20 pásẹ́ńtì lé e. Nígbà tí ọjà ò yá, ó dín 20 pásẹ́ńtì kù. Èló ni àdìrẹ náà báyìí? O kọ 10,000, o sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Bíróò rẹ tẹ̀ ẹ́ débi pé ìlà náà hàn lẹ́yìn ìwé.

Ìwọ nìkan kọ́ lo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tó ti ń náwó kí wọ́n tó bí ọ. 20 àti 20 dọ́gba lójú, ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn. Ṣùgbọ́n pásẹ́ńtì kì í dá dúró, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti nǹkan kan. Bi í léèrè pé: 20 pásẹ́ńtì ti kí ni?

Nígbà tí ìyá yẹn ń fowó lé ọjà, 10,000 ló ń wò. 20 pásẹ́ńtì rẹ̀ jẹ́ 2,000, àdìrẹ sì di 12,000. Nígbà tó wá fẹ́ dín in, 10,000 ò sí nílẹ̀ mọ́. 12,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, 20 pásẹ́ńtì èyí sì jẹ́ 2,400. Yọ ọ́ kúrò, ó ku 9,600. Ibo ni 400 náírà wọlé sí? Òun ni 20 pásẹ́ńtì ti 2,000 tó fi lé e. Bó ṣe ń gé owó àtijọ́ ló ń gé àfikún náà pẹ̀lú.

Mo mọ ohun tí wàá sọ: bó bá kọ́kọ́ dín in ńkọ́? Yóò di 8,000. Fi 20 pásẹ́ńtì ti 8,000, ìyẹn 1,600, lé e: 9,600 náà ni.

Bó bá jẹ́ pásẹ́ńtì kan ni, 9,999 ni ì bá kù. Ta ni yóò sunkún náírà kan? Ó jọ pé ìdí nìyẹn tí àṣìṣe yìí fi ń pẹ́ lára èèyàn. Ṣùgbọ́n fi 50 pásẹ́ńtì dán an wò, 7,500 ni yóò kù.

Ká ní ìbéèrè náà sọ pé ó fi 2,000 náírà lé e, ó sì yọ 2,000 náírà, ìdáhùn rẹ ì bá tọ̀nà. Kí 12,000 tó padà sí 10,000, ìdá kan nínú mẹ́fà ni yóò yọ, ìyẹn ò sì tó 17 pásẹ́ńtì.

Mo fún ọ ní máàkì méjì nínú márùn-ún nítorí 12,000 tó o ṣírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kó o tó fagi lé e. Kí ló dé tó o fagi lé e gan-an? Ṣe èyí wá lọ́jọ́ Ajé: bó bá fi 25 pásẹ́ńtì lé 10,000, pásẹ́ńtì mélòó ni yóò yọ kó tó padà síbẹ̀?

Olùkọ́ ìṣirò rẹ,
Abẹ́òkúta