Owó Tó Wà Lójú Fóònù Tí Kò Sí Lọ́jà

Wọ́n ti dá òwò dúró lórí ìpín ilé-iṣẹ́ kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ìpín náà fò láti nǹkan bíi ₦2 kọjá ₦14 láàárín ọjọ́ òwò 21, lẹ́yìn náà ló já lulẹ̀, kí aláṣẹ tó dá a dúró. A kò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà nígbà tí ìwádìí ṣì ń lọ. Ohun tó gún wa lọ́kàn ni ìmọ̀ràn tó tún jáde lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó máa ń jáde ní gbogbo ìgbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀: kí àwọn ènìyàn máa ṣe ìwádìí dáadáa kí wọ́n tó ra ìpín. Ìwádìí wo? Níbo ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é?

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Abẹ́òkúta kọ lẹ́tà sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ra ẹyọ 30,000 ní ₦14.60, ìyẹn ₦438,000, owó tó ti yà sọ́tọ̀ láti fi kan òrùlé. Lọ́jọ́ kejì ìpín náà já sí ₦13.14. Lọ́jọ́ kẹta ó já sí ₦11.83. Ó sáré pe alágbàtà rẹ̀ pé kí ó bá òun tà. Alágbàtà náà ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, òun náà sì fi í ránṣẹ́ sí wa. Lápá ọ̀tún, àwọn tó fẹ́ tà tò gbọọrọ, mílíọ̀nù mẹ́rin ẹyọ ó lé díẹ̀, ₦11.83 ni gbogbo wọn kọ. Apá òsì, níbi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó fẹ́ rà wà, funfun báláú ni.

Láti ọjọ́ náà ni iye ìpín náà kò ti kúrò ní ₦11.83 mọ́. Bàbá ní ìyàwó òun tilẹ̀ ní kí àwọn dúpẹ́ pé ó dúró. Ohun tí kò yé ìyá náà, tí kò sì sí aláṣẹ kankan tó là á yé e, ni pé kì í ṣe pé iye náà dúró. Ó há ni. Lábẹ́ òfin iye owó tí ọjà ìpín tún ṣe ní 2018, kì í ṣe gbogbo rírà àti títà ló ń yí iye tí wọ́n ń gbé jáde padà. Ìpín tó bá wà ní ìsàlẹ̀ ₦5 gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọwọ́ tó ẹyọ 100,000 kí iye rẹ̀ tó lè yí. Èyí tó bá ti pẹ́ ní ₦100 sókè, ẹyọ 10,000 péré ti tó. Ọ̀pọ̀ oṣù tó ti kọjá ni wọ́n sì fi ń pín àwọn ìpín sí ọ̀wọ́, nítorí náà ìpín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò dé ₦14 ṣì wà ní ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ ra 100,000, ₦11.83 ni wọn yóò máa kọ lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó máa san ₦4.

Òfin yìí náà ló jẹ́ kó rọrùn láti gbé irú ìpín bẹ́ẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ yìí sì ni ìwé ìròyìn yìí ti ń lù bí agogo. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní ẹyọ ìpín mílíọ̀nù 600, tí ẹyọ kan sì jẹ́ ₦2. Iye gbogbo ilé-iṣẹ́ náà lójú ọjà jẹ́ bílíọ̀nù ₦1.2. Ká tún ní àwọn tó dá a sílẹ̀ di mílíọ̀nù 510 mú nínú ẹyọ wọ̀nyẹn, tí wọn kò sì fẹ́ tà. Mílíọ̀nù 90 ló kù fún ará ìta. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìyẹn jẹ́ ìwé ìpín tí àwọn bàbá wa rà láyé àtijọ́ tí wọ́n kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òmíràn, ẹni tó ni ín ti kú, àwọn ọmọ kò sì mọ̀ pé ó wà. Èyí tó ń rìn lọ́jà lóòótọ́ kò tó nǹkan.

Ẹni mẹ́ta dìde. Wọ́n ra 100,000 lọ́jọ́ kìíní ní ₦2.20, nítorí pé ìdá 10 nínú 100 ni ìpín lè gòkè lóòjọ́. ₦220,000 ni wọ́n ná. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kẹta náà bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tó ní ìpín lọ́wọ́ bá rí i pé ó ń gòkè tí wọ́n jókòó ti tiwọn, nígbà tí yóò bá fi tó bí ọjọ́ òwò 21, ₦2 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ₦15. Gbogbo owó tí wọ́n fi rà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù ₦14 lọ, wọ́n sì lè máa rà á lọ́wọ́ ara wọn, kí owó kan náà máa yí po. Ṣùgbọ́n iye ilé-iṣẹ́ náà lójú ọjà ti kúrò ní bílíọ̀nù ₦1.2, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di bílíọ̀nù ₦9. Ilé-iṣẹ́ náà kò fi ẹ̀rọ kan kún ẹ̀rọ. Ẹni tó bá wá ra ìpín náà lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn ni wọ́n ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀, tíṣà wa sì ni.

A kò sọ pé gbogbo ilé-iṣẹ́ kékeré tí ìpín rẹ̀ bá fò ni jìbìtì wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó rí àdéhùn ńlá kan gbà lè di ìlọ́po mẹ́ta lódún kan, èyí tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò lè ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń rà wọ́n. Ohun tí a ń sọ ni pé ewu ibẹ̀ kì í ṣe pé ilé-iṣẹ́ lè pàdánù nìkan. Ewu ibẹ̀ ni pé o lè fẹ́ jáde kí o má rí ẹnu ọ̀nà.

Ewu àwọn ńlá yàtọ̀. Ẹ wo MTN Nàìjíríà. Nígbà tí náírà já lulẹ̀ ní 2023, gbèsè àti owó òpó ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ń san lórí ìṣirò dọ́là wú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì pàdánù bílíọ̀nù ₦137 lọ́dún náà. Ní 2024, àdánù náà di bílíọ̀nù ₦400. Títóbi wọn kò gbà wọ́n. Títóbi wọn gan-an ló jẹ́ kí gbèsè náà tóbi. Ẹni tó gbójú lé owó èrè lórí ìpín wọn gbọ́dọ̀ ti sun ebi díẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní òun fẹ́ ta tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ìròyìn burúkú jáde, ó rí ẹni rà á. Owó tó gbà kéré sí ohun tó fẹ́, ṣùgbọ́n owó ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ńlá ni gbogbo ńlá. Airtel Africa wà lára àwọn tó tóbi jù lọ́jà wa, ṣùgbọ́n London ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìpín rẹ̀ wà, èyí tó ń rìn ní Èkó kò pọ̀. Ẹ ti rí i bó ṣe máa ń wà lójú kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nígbà tó bá yí díẹ̀, àtẹ tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ọjà á gòkè tàbí kó sọ̀kalẹ̀, nítorí pé gbogbo ẹyọ tí ilé-iṣẹ́ ní ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò àtẹ náà, kì í ṣe èyí tó wà fún títà.

Ibi tí sùúrù wa ti tán nìyí. Láti ọjọ́ pípẹ́ la ti ń bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n máa kọ iye ẹyọ tó wà lọ́wọ́ ará ìta síwájú orúkọ ìpín kọ̀ọ̀kan, lórí áàpù gbogbo alágbàtà, ní èdè tí ènìyàn gbọ́. Wọ́n ní àwọn ti ń ṣe é. Òótọ́ ni, lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta wà nínú ìròyìn wọn: BMF fún èyí tí ìpín ará ìta rẹ̀ kò tó, MRF fún èyí tí kò mú ìṣirò owó rẹ̀ wá lákòókò. Ẹ mú ẹni mẹ́wàá tó ń ra ìpín lórí fóònù, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí BMF jẹ́. Ẹni tó fi ìkìlọ̀ pamọ́ sínú lẹ́tà mẹ́ta kò gbọdọ̀ bínú sí ẹni tí kò kà á.

Àti pé ìdádúró yìí fúnra rẹ̀, ta ló ń dáàbò bò? Àwọn tó rà á ní ₦2.20 ti tà kí aláṣẹ tó jí. Àwọn tó há sínú rẹ̀ ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́. A ti rí irú rẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹjọ 2008, nígbà tí ọjà ń wó láti orí òkè tó dé ní oṣù Kẹta ọdún náà, wọ́n ní ìpín kò gbọdọ̀ já ju ìdá 1 nínú 100 lọ lóòjọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fọkàn àwọn ènìyàn balẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó rà, nítorí gbogbo ẹni tó ní owó mọ̀ pé lọ́la á tún já díẹ̀ sí i. Ní òpin oṣù Kẹwàá ni wọ́n yí i padà. Àwọn tó ti yáwó ra ìpín ti kú sínú rẹ̀ nígbà yẹn.

Ohun tí a fẹ́ kò le. Kí wọ́n yí òfin ẹyọ 100,000 sí iye owó. ₦200,000 kò gbọdọ̀ tó láti yí iye ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́bílíọ̀nù padà, nígbà tó jẹ́ pé láti yí ìpín oní-₦500, mílíọ̀nù ₦5 lèèyàn gbọ́dọ̀ fi rà á. Kí ìpín tó bá gòkè dé góńgó ọjọ́ márùn-ún léraléra, láìsí ìròyìn kankan láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, rí ìbéèrè gbà lọ́jọ́ kẹfà, kì í ṣe lọ́jọ́ kejìlélógún. Kí wọ́n sọ fún wa, láìdárúkọ, àkáǹtì mélòó ló ra ìdajì gbogbo ohun tí wọ́n tà lọ́jọ́ 21 yẹn. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà wọ́n.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ṣí i padà, kí wọ́n má tún ṣí i sórí ₦11.83 pẹ̀lú ìdá 10 lóòjọ́, kí mílíọ̀nù mẹ́rin ẹyọ tún lọ tò níwájú ògiri funfun. Kí wọ́n mú ààlà kúrò fún òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n gba iye tí olúkúlùkù fẹ́ rà àti iye tí olúkúlùkù fẹ́ tà, kí wọ́n wá ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti pàdé. Ó lè jẹ́ ₦3. Tíṣà wa ní Abẹ́òkúta á gba ₦90,000 nínú ₦438,000, kò sì ní dùn mọ́ ọn. Àmọ́ yóò lè fi ra páànù díẹ̀.