Ẹ máàkì Enable GPU Instancing, àṣẹ ìyàwòrán ò dínkù: ìdí rẹ̀ nìyí

Bí ojú ìran gémù bá ti kún nínú Unity, ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo èèyàn máa ń fúnni: lọ sórí mateíríà, máàkì Enable GPU Instancing, ó parí. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀dà ohun kan náà á di àṣẹ ìyàwòrán kan ṣoṣo tí sípíyù ń fi ránṣẹ́ sí jípíyù. Láyé Built-in, ètò ìyàwòrán àtijọ́ Unity, òótọ́ wà níbẹ̀. Nínú URP, ètò ìyàwòrán tuntun tí ọ̀pọ̀ wa ń lò báyìí, máàkì yẹn á kàn jókòó síbẹ̀ ni, Unity ò ní kà á sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjà kan. Agboòrùn 1,500 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ṣì kan náà ni gbogbo wọn ń lò, orígun 400 sì ni mẹ́ṣì náà ní. Àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n, 500 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní mateíríà tirẹ̀ tó ń lo ṣédà Lit. A ti máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wá ṣí Window > Analysis > Frame Debugger. Dípò Draw Mesh (instanced), SRP Batch lẹ máa rí. Ohun tó fà á ni pé SRP Batcher ló ṣáájú lójú Unity: ohunkóhun tí ṣédà rẹ̀ bá ti bá a mu, òun ló máa gbé e, Lit sì bá a mu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wá wo Batches ní fèrèsé Statistics, ẹ̀rù lè bà yín, torí nọ́ńbà ibẹ̀ á ṣì ga gan-an. SRP Batcher kì í dín àṣẹ kù. Ohun tó ń dín kù ni ìmúra tó ń ṣáájú àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń din àkàrà mọ̀ pé dída ẹyọ kan sínú epo kò gba àkókò. Tó bá ní kóun pààrọ̀ epo kóun tó da ìkejì, ilẹ̀ á ṣú. Bẹ́ẹ̀ ni sípíyù ṣe rí: pípààrọ̀ ṣédà, títún dátà mateíríà kó ránṣẹ́, ibẹ̀ ni àkókò ń lọ. SRP Batcher fi dátà mateíríà sílẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì jípíyù, nítorí náà àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè tẹ̀ lé ara wọn láìpààrọ̀ nǹkan ńlá kankan. SetPass calls, ìyẹn iye ìgbà tí irú ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀ wáyé, ni kẹ́ ẹ máa wò, kì í ṣe Batches.

Bó bá ṣe instancing gan-an lẹ fẹ́, ẹ fi kóòdù pè é:

```csharp
var rp = new RenderParams(mat);
rp.worldBounds = bounds;
Graphics.RenderMeshInstanced(rp, mesh, 0, matrices);
```

Níbí, máàkì orí mateíríà pọn dandan. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan: àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ipò agboòrùn 500 nínú `matrices` tirẹ̀, àṣẹ 1,500 sì di mẹ́ta. (Lórí àwọn fóònù kan tí ààyè wọn kéré, Unity á tún un pín sí i.)

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Ìdì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn gbogbo ẹ̀dà tí àṣẹ kan kó lọ, ni Unity ń wò bóyá ó wà níwájú kámẹ́rà, kò wo agboòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ní 200 péré ni kámẹ́rà ń rí. Pẹ̀lú MeshRenderer lásán, àṣẹ 200 ló máa lọ, orígun 80,000. Pẹ̀lú ìdì mẹ́ta tó bo gbogbo ọjà, àṣẹ mẹ́ta ló máa lọ lóòótọ́, àmọ́ orígun 600,000 ni jípíyù máa ṣiṣẹ́ lé lórí, èyí tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà pẹ̀lú. Òjìji tún lè sọ iṣẹ́ náà di méjì. Nọ́ńbà á dínkù, gémù á sì máa wọ́ sí i. Ohun tí mo fara mọ́ ni kẹ́ ẹ gé ọjà náà sí igun mẹ́wàá, kí igun kọ̀ọ̀kan ní ìdì mẹ́ta tirẹ̀ àti `worldBounds` tirẹ̀. Ó di àṣẹ 30 bí gbogbo ọjà bá hàn, ṣùgbọ́n igun tí kámẹ́rà kò rí kò ní lọ rárá.

Kẹ́ ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú èyí, ẹ ṣí Profiler. Bí Gfx.PresentFrame bá ń gba àkókò púpọ̀ lórí Render Thread nígbà tí VSync wà ní pípa, jípíyù ni kò lè yára mọ́, kò sì sí iye àṣẹ tẹ́ ẹ dínkù tó máa ràn án lọ́wọ́; orígun àti òjìji lẹ máa gé.

Àwọn èèyàn inú ọjà ńkọ́? SkinnedMeshRenderer kì í gba instancing, kódà nínú Built-in. Àfi kẹ́ ẹ kọ ìrìn wọn sínú tẹ́sọ̀ kí ṣédà máa kà á níbẹ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì nìyẹn. Fún agboòrùn, ẹni tó bá wà lórí Unity 6 lè tan GPU Resident Drawer, tó ń ṣe ìdìpọ̀ yìí fúnra rẹ̀ láìsí kóòdù, bí URP bá wà lórí Forward+.