Ẹ́kísírè ọwọ́ ò lè sọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé egungun kìí purọ́, pé tí wọ́n bá ti ya ẹ́kísírè ọwọ́ ọmọ báyìí, iye ọdún ẹ̀ gan-an ló máa jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Iṣẹ́ ẹ́kísírè ni mò ń ṣe. Bàbá kan mú ọmọkùnrin ẹ̀ wá láti Ọ̀fà, ọmọ yẹn mọ bọ́ọ̀lù gbá gidi, kóòṣì ẹ̀ wá ní wọ́n ti dín ọjọ́ orí ẹ̀ kù. Bàbá mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dání, ó ti gbó, etí ẹ̀ ti ya, ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ ló fi hàn pé ọmọ ọdún 14 ni. A ya ọwọ́ òsì torí òun náà ló wà nínú ìwé àwòrán tí dókítà máa fi wò ó, ọmọ tẹ́ ọwọ́ pẹrẹsẹ, ó ya ìka síra. Dókítà kà á, ó ní ọdún 15 àbọ̀. Kóòṣì pariwo, "Ẹ ò rí i!"

Ṣùgbọ́n kí ni dókítà rí? Egungun ìka ọmọdé, orí ẹ̀ ò tíì lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀, kerekere ló wà láàárín wọn, kerekere ò sì kí ń hàn nínú ẹ́kísírè, ìlà dúdú tín-ín-rín lèèyàn máa rí bíi pé egungun sán. Bí ọmọ bá ṣe ń bàlágà ni ìlà yẹn ń pa dé, orí ìka ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ti ọrùn ọwọ́ ló máa ń kẹ́yìn, ó lè tó ọdún 17 tàbí 18 kó tó pa dé fún ọkùnrin, tobìnrin máa ń yá jù bẹ́ẹ̀. Ti ọmọ Ọ̀fà yìí, ti orí ìka ti ń pa dé, ti ọrùn ọwọ́ ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Dókítà wá wá àwòrán tó jọ ọ́ jù nínú ìwé àwòrán yẹn, ìwé Greulich àti Pyle, ibẹ̀ ni 15 àbọ̀ ti wá. Ó jọ ọ́ ni o, kò ka ọdún kankan lára egungun.

Àwọn ọmọ tó wà nínú ìwé yẹn, ọmọ òyìnbó tó ń jẹun dáadáa ni wọ́n, ní Cleveland lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 1931. Láàárín wọn pàápàá, egungun ọmọkùnrin ọdún 14 lè fẹ́ẹ̀ fi ọdún méjì ṣáájú tàbí kó fi ọdún méjì rẹ̀yìn, kí ara ẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ọmọ tó tètè bàlágà, egungun ẹ̀ máa sáré, ohùn ọmọ Ọ̀fà yìí sì ti ń ki. Ọmọ tó jẹ́ SS, tàbí èyí tí kìí rí oúnjẹ jẹ tó, tiẹ̀ máa ń lọ́ra.

Ìlọ́ra yẹn gan-an ni dókítà sábà máa ń wá tó bá ní ká ya ọwọ́ ọmọ. Tí ìyá bá ní ọmọ òun ọdún 12 ò ga, tí egungun sì jọ ti ọdún 9, ààyè ṣì wà kó ga, wọ́n á wá ìdí tó fi ń lọ́ra.

Dókítà kọ ọ́ sínú èsì ọmọ Ọ̀fà pé egungun ẹ̀ ò ta ko ọdún 14 tó wà nínú káàdì. Kóòṣì gbà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà fún bàbá.