Ìjọba Ìbílẹ̀ Mọ́kànlá, Iṣẹ́ Ìwádìí Kan Ṣoṣo

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ wa tó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá lọ́dún yìí, nítorí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń bí ọmọ mọ́kànlá láti inú oyún kan. Ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Àgbowó ni mo ti rí i: "Ipa tí Ìkànnì Ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ń kó lórí Èsì Ìdánwò Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Girama ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú." Ti Akínyẹlé wà lábẹ́ rẹ̀, ti Olúyọ̀lé sì tẹ̀lé e. Márùn-ún ni ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú ìgboro Ìbàdàn, mẹ́fà wà lẹ́yìn ìgboro, gbogbo wọn ló sì ti ní àpilẹ̀kọ tirẹ̀.

Mo ṣí ti Lágelú. Ní orí kẹta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti di ará Ẹgbẹ́dá. Ní orí kẹrin, Ìdó ni wọ́n ti dáhùn ìbéèrè, nígbà tó sì di orí karùn-ún, kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Ẹdó ni wọ́n ń gbà nímọ̀ràn. Ọmọ tó sùn ní Lágelú, tó jí ní Ẹgbẹ́dá, tó la gbogbo Ìbàdàn kọjá lọ fàmì sí ìwé ìbéèrè ní Ìdó, ta ló san owó ọkọ̀ rẹ̀? Ṣé wọ́n tilẹ̀ fún un ní búrẹ́dì lọ́nà? Ṣé àwọn òbí rẹ̀ gbọ́ pé ó ti dé Ẹdó? Ẹ̀kọ́ ìrìnàjò ló yẹ kí wọ́n fún ẹni tó kọ ọ́ ní oyè rẹ̀.

Àwọn kan gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní àwọn ti wá ọ̀nà tuntun: wọ́n yọ Fesibúùkù, wọ́n fi Tíkítọ́ọ̀kì sí i. Ìranù! Ìbéèrè kan náà ni. Ìwé ìbéèrè ń bi ọmọ bóyá ó máa ń pẹ́ lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò ka wákàtí rẹ̀ rí, ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá gbé ìdáhùn rẹ̀ tira èsì ìdánwò. Bí àwọn tó ń pẹ́ lórí fóònù bá fìdí rẹmi, ṣé fóònù ló fà á, àbí ìwé tó ti sú wọn ló lé wọn dé ìdí fóònù? Ìwé tí ọmọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan péré kò lè sọ èyí tó ṣáájú, ì báà jẹ́ ní Lágelú, ì báà jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Láyé tiwa, alábòójútó mi máa ń fi gègé pupa kọ "Kí ni o fẹ́ mọ̀?" sí ẹ̀gbẹ́ àkòrí, yóò sì dá ìwé padà láìwo ojú ẹni. Lónìí, èmi tí ewú ti gba orí mi kan ni akẹ́kọ̀ọ́ kan há ìwé ìbéèrè fún ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, tó ní kí n ṣe bí ọmọ kíláàsì SS2, kí n bá òun fàmì sí i. Mo lé e.

Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà tuntun ní tòótọ́, kó fi "ipa" sílẹ̀, kó wá ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀, tó sì ní aago. Láti ìgbà tí kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ ní 2020 ni olùkọ́ púpọ̀ ti ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ sórí Wasáàpù. Nínú ilé tí fóònù kan ṣoṣo wà fún bàbá àti ọmọ mẹ́rin, aago mélòó ni iṣẹ́ náà ń dé ọwọ́ ọmọ? Ìdajì ìdáhùn wà lórí fóònù olùkọ́: bó bá tẹ iṣẹ́ tó fi sínú gúrúùpù mọ́lẹ̀, tó sì lọ sí Info, yóò rí àwọn tó ti kà á àti àkókò tí wọ́n kà á lábẹ́ "Read by". Ẹni tó pa àmì kíkà lórí fóònù rẹ̀ kò lè fara pamọ́ nínú gúrúùpù.

Àmọ́ fóònù ni "Read by" ń sọ, kì í sọ ọwọ́ tó mú un. Nítorí náà, kí ọmọ náà ní ìwé pélébé tí yóò máa kọ àkókò tí iṣẹ́ dé ọwọ́ rẹ̀ sí lójoojúmọ́. Ká ní olùkọ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, "Read by" ní wọ́n kà á ní aago márùn-ún, ọmọ kọ aago mẹ́sàn-án alẹ́: bàbá ló kà á nídìí ọjà rẹ̀ ní Bódìjà, wákàtí mẹ́rin ààrin méjèèjì yẹn gan-an ni ìwádìí. Kí a wá fi máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá yẹn gan-an wé ti àwọn ọmọ kíláàsì kan náà tí wọ́n ní fóònù tiwọn, kì í ṣe èsì gbogbo ọdún, tí ohun mìíràn púpọ̀ ń dá sí.

Wàhálà tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ lè gbàgbé ìwé rẹ̀, kó wá kọ ti ọjọ́ márùn-ún pa pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá rí aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́sàn-án láti òkè délẹ̀, bíírò kan náà, ìkọ̀wé kan náà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ilé tó ní fóònù kan sì lè jẹ́ ilé tí kò ní owó ìwé, nítorí náà ẹ béèrè ìyẹn náà, kí ẹ má baà di ẹ̀bi ìṣẹ́ ru fóònù. Ẹ gba àṣẹ òbí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì yọ orúkọ àti nọ́ńbà kúrò. Bó bá jẹ́ ọgbọ̀n ìdílé péré ni ẹ rí bá ṣiṣẹ́, tí alábòójútó sì ní ó kéré jù, ẹ sọ fún un pé gbogbo wọn ló ń gbé àdúgbò tí ẹ kọ sára ìwé.